Ṣé O Mọ̀ Pé Etí Kì í Ṣí Ìwé Sẹ́yìn?

Ṣé o mọ̀ pé gbólóhùn kan ṣoṣo lè gbé "tí" mẹ́jọ, kí ẹni tó kọ ọ́ má sì rí àbùkù kankan níbẹ̀? Ká ní akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kékeré kan lẹ́yìn Ayétòrò fẹ́ bá ìpàdé ìlú sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀rọ omi ló bàjẹ́, owó ni wọ́n fẹ́ dá. Ó jókòó lálẹ́, ó sì kọ ọ́ báyìí:

"Ìgbìmọ̀ tí ẹ yàn ní oṣù tí ó kọjá láti yẹ ẹ̀rọ omi tí ó wà ní iwájú ọjà wò, èyí tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ti rí i pé owó tí a nílò láti tún un ṣe jẹ́ ₦1,475,000, èyí tí a ó pín sí ilé mọ́kàndínlọ́gọ́ta tí ó ń lo omi náà, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i."

Lórí bébà, kò sóhun tó ṣe é. Bí ojú bá ṣìnà, á padà sẹ́yìn lọ wá "ìgbìmọ̀", á rí i, á sì máa bọ̀. Etí kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Láti orí "ìgbìmọ̀" tó ṣáájú dórí "ti rí i" tó sọ ohun tí ìgbìmọ̀ náà ṣe, olùgbọ́ ti yà sí iwájú ọjà, òjò ti pa á, ó ṣì gbé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́, kò tíì rí ibi tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Ìyá tó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, tọ́mọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, ti ju ìgbìmọ̀ náà nù tipẹ́. Owó nìkan ló kù tí yóò gbọ́, kò sì ní mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe.

Iṣẹ́ àtúnṣe àkọ́kọ́ kò le: mú bírò, kí o fa ìlà sábẹ́ gbogbo "tí" àti "èyí tí". Níbi tí wọ́n bá ti ju méjì lọ nínú gbólóhùn kan, gbólóhùn náà fẹ́ bímọ. Jẹ́ kó bí i.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn kan ti wọn ìwọ̀n tí etí lè gbé? Ní 1975, onímọ̀ nípa ọpọlọ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alan Baddeley, àti àwọn méjì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ń ka ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ fún àwọn ènìyàn, wọ́n sì ń ní kí wọ́n kà á padà bó ṣe tẹ̀ léra. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọ̀rọ̀ kúkúrú máa ń pọ̀ lọ́wọ́ olùgbọ́ ju ọ̀rọ̀ gígùn lọ. Iye tí ènìyàn lè dì mú kò ju iye tí ẹnu òun fúnra rẹ̀ lè sọ láàárín bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ tí kò so mọ́ra wọn ni wọ́n fi dán an wò o. Ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀, tó sì ń lọ bí ìtàn, máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ó fi yé wa ìdí tí gbólóhùn akọ̀wé wa fi rẹ etí: ó kó gbogbo ẹrù sílẹ̀ kó tó fún wa ní okùn tí a ó fi dì í.

Nítorí náà, nígbà tó jókòó tún un ṣe, ó gbé ohun tó bàjẹ́ síwájú, ó wá jẹ́ kí nǹkan máa ṣẹlẹ̀ níkọ̀ọ̀kan:

"Ẹ̀rọ omi iwájú ọjà ti bàjẹ́. Àtìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni kò ti fún wa lómi. Lóṣù tó kọjá, ẹ yan ìgbìmọ̀ kan pé kó lọ wò ó. Ìgbìmọ̀ náà ti lọ. Pọ́ńpù ló jóná. Owó la máa fi tún un ṣe."

Wò ó pé gbólóhùn kan ti di mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ló rò pé kí ọ̀rọ̀ lè yé ènìyàn, à fi ká gé e kúrú. Gbólóhùn ló yẹ ká gé. Ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ lè gùn sí i, etí kò ní bínú.

Ṣé o mọ̀ pé nọ́ńbà ni ẹrù tó wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ń fetí gbọ́? Gbọ́ bí a ṣe ń ka ₦1,475,000 síta: mílíọ̀nù kan, àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó àti márùndínlọ́gọ́rin náírà. Wo márùndínlọ́gọ́rin yẹn. Márùn-ún lo kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún ọ pé kí o yọ ọ́. Ìparí pátápátá lo tó mọ̀ pé inú ọgọ́rin ni wọ́n ti ní kí o yọ ọ́. Ìṣirò lo ń ṣe, olùsọ̀rọ̀ sì ti kọjá lọ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni èyí ń ṣe. Ní 1980, àwọn olùwádìí méjì dán àwọn tó gbọ́ èdè Wéèsì àti Gẹ̀ẹ́sì wò. Sísọ nọ́ńbà lédè Wéèsì ń pẹ́ lẹ́nu díẹ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àwọn ènìyàn kan náà, pẹ̀lú orí kan náà, ni kò lè rántí nọ́ńbà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ ní Wéèsì. Bí nọ́ńbà bá gùn lẹ́nu, ó kúrú nínú ọkàn.

Akọ̀wé wa ní nọ́ńbà méjì: owó náà àti ilé mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ó ṣe ìṣirò náà kúrò lọ́rùn olùgbọ́. Bí a bá pín owó náà sọ́nà mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló kan ilé kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà tí gbogbo ènìyàn wá gbọ́ nìyẹn, torí òun ni yóò jáde lápò wọn. Èyí tó pọ̀ jù, ó sọ pé "kò ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ," ó wá lẹ ìwé tó ní iye rẹ̀ gan-an mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.

Tèmi ni pé kí a máa fi kún un nígbà gbogbo tí a bá ń sọ ọ́ lódidi, kí a má ṣe dín in. Ẹni tó sọ pé mílíọ̀nù kan ààbọ̀, tí owó wá kù, yóò gbàyìn. Ẹni tó sọ pé mílíọ̀nù kan àti irínwó ẹgbẹ̀rún, tó wá padà wá gba ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́rin, àwọn ọ̀dọ́ yóò bi í léèrè títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ṣé o mọ̀ pé "wọ́n" lè dá ìjà sílẹ̀? Padà wo ìparí gbólóhùn àkọ́kọ́: "wọ́n sì ti fọwọ́ sí i." Ta ni wọ́n? Ìgbìmọ̀ ni, àbí Baálẹ̀? Bàbá àgbà kan ṣoṣo, "wọ́n" la ó fi pè é. Ènìyàn mẹ́wàá, "wọ́n" náà ni. "Ó" tún wà níbẹ̀ tó ń dúró fún ọkùnrin, obìnrin, ajá àti ẹ̀rọ omi. Nínú ìjíròrò lásán, ojú àti ìka máa ń tọ́ka sí ẹni tí à ń wí. Lórí pèpéle, pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, ìyẹn ò sí. Bí apá kan ìlú bá lọ sílé pẹ̀lú èrò pé Baálẹ̀ ti pàṣẹ, tí apá kejì sì rò pé ìgbìmọ̀ ló ń gbẹnu Baálẹ̀ sọ̀rọ̀, ìpàdé tó ń bọ̀ kò ní jẹ́ lórí omi mọ́.

Akọ̀wé fa ìlà sábẹ́ gbogbo "wọ́n" àti "ó", ó sì bi ara rẹ̀ pé ta ni. Níbi tí ìdáhùn bá ti ju ẹyọ kan lọ, ó dá orúkọ padà: "Baálẹ̀ ti gbọ́. Baálẹ̀ ti fọwọ́ sí i."

Ilé ìwé kọ́ wa pé ká má máa tún ọ̀rọ̀ kan náà lò, ká máa wá èyí tó jọ ọ́. Ìyẹn dára fún àròkọ. Nínú ìpàdé, bí o bá pè é ní ẹ̀rọ omi, tí o tún pè é ní ohun èlò náà, tí o tún wá pè é ní iṣẹ́ àkànṣe, ẹlòmíì á rò pé nǹkan mẹ́ta lẹ fẹ́ fowó ṣe. Ẹ̀rọ omi ni kó jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ Yewa ti ní olùkọ́ nínú iṣẹ́ yìí láti ayé àtijọ́, àti pé òru ló fi ń kọ́ni? Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí àjọ Yunẹ́sìkò kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣúra gbogbo ayé, ti ilẹ̀ Kétu àti Yewa ni, títí wọ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Òru Ẹ̀fẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀. Nínú òkùnkùn, láàárín ọjà, Ẹ̀fẹ̀ á jáde, á júbà, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin sọ ohun tó ń lọ nílùú: ẹni tó jalè, ìjòyè tó ń ṣe ojúsàájú, ìwà tó yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀. Kò sí bébà. Ọ̀pọ̀ nínú èrò náà kò rí i dáadáa. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ti máa kọ orin náà lójú ọ̀nà oko.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Á kọ orin náà, àwọn agberin á gbà á, wọ́n á tún un kọ, wọ́n á tún un kọ, títí èrò náà fi bá wọn dá sí i. Ọ̀rọ̀ náà kì í yí padà nínú àtúnkọ. Ìyẹn gan-an ni ohun tí olùsọ̀rọ̀ tó ń kàwé kì í fẹ́ ṣe. Ojú á máa tì í láti sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ ojú kì í ti Ẹ̀fẹ̀.

Ìlù náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. John Carrington, míṣọ́nnárì tó gbé láàárín àwọn ará Lokele nílẹ̀ Kóńgò, kọ̀wé ní 1949 nípa ìlù wọn tó ń sọ̀rọ̀. Kàkà kí onílù lu orúkọ nǹkan lásán, gbólóhùn gígùn kan ló máa ń lù, nítorí ohùn nìkan ni ìlù lè gbé, ohùn ọ̀rọ̀ kan sì lè jọ ti òmíràn. Oní-dùndún wa ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú oríkì. Àfikún náà ló ń gbà wá lọ́wọ́ àṣìgbọ́.

Akọ̀wé wa mú gbólóhùn kan ṣoṣo tí kò gbọdọ̀ sọnù, ó sì fi í sí ibi mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, láìyí i padà: lẹ́yìn ìkíni, láàárín, àti nígbẹ̀yìn. "Ilé kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náírà."

Lórí ìkíni, n kò bá àwọn tó ní ká gé e kúrò dọ́rẹ̀ẹ́. Ní Ìlaròó tàbí ní Ayétòrò, ẹni tó dìde láìkí ọba, ìjòyè àti àwọn ìyá ọjà kò ní rí etí tí yóò gbọ́ ìyókù. Ṣùgbọ́n ipò ni kí o kí. Orúkọ ogún ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan ni kí o yọ.

Ṣé o mọ̀ pé kìlómítà kì í wọ etí ẹni tó ń gbé ibodè? Nínú oṣù Kọkànlá 2019, nígbà tí ibodè wà ní títì láti oṣù Kẹjọ, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo kankan tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ibodè. Àṣẹ yìí kan ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìpókíá, Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n àti Àríwá Yewa. Fojú inú wo ẹni tó fẹ́ lọ sọ èyí fún ìlú. Bó bá kà á bó ṣe wà nínú ìwé, orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba ni yóò ṣáájú, lẹ́yìn náà ìdí tí wọ́n fi ṣe é, lẹ́yìn náà kìlómítà. Ohun tí olùgbọ́ fẹ́ mọ̀ wà ní ìdí àpò: ṣé ó kàn wá?

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ìdáhùn ṣáájú, kí kìlómítà sì di orúkọ ìlú: "Ẹ̀yin ará wa, àṣẹ yìí kàn wá. Láti ibodè dé ìlú báyìí-báyìí, ilé epo kankan ò ní rí epo gbà." Gbogbo ènìyàn ló mọ ibi tí ìlú náà wà. Kí olùsọ̀rọ̀ ṣáà ti rí i dájú pé ìlú tí ó dárúkọ bọ́ sí ojú ààlà náà ní tòótọ́, nítorí bí ó bá ṣì í, oníṣòwò kan á pàdánù.

Ṣé o mọ̀ pé Winston Churchill, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ sísọ, gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárín ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1904? Ó ti há a sórí. Ó dé àárín, ó dákẹ́, kò rántí mọ́, ó sì jókòó. Láti ìgbà náà, bébà kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú bébà tí àwa ń kà. Àwọn akọ̀wé rẹ̀ máa ń tẹ̀ ẹ́ ní ìlà kúkúrú kúkúrú bí ìwé Sáàmù, kí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìwọ̀n èémí kan. Ojú rẹ̀ á wálẹ̀, á mú ìlà kan, á gbójú sókè, á sọ ọ́.

Akọ̀wé wa lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú bírò. Kó ka ọ̀rọ̀ náà síta, kó fa ìlà dídábùú síbi tí èémí bá ti tán. Bí èémí bá tán láàárín gbólóhùn, gbólóhùn ló gùn, kì í ṣe èémí ló kúrú. Kó sì fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tó lè ṣì í lọ́nà. Ẹni tó rí "owo" lásán lórí bébà níwájú ọba lè fi ìṣẹ́jú-àáyá kan ronú bóyá owó ni àbí òwò, gbogbo ìlú ni yóò sì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn tó wà lẹ́yìn lè máa gbọ́ olùsọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì? Ohùn ń rìn tó mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí sípíkà kan bá sún mọ́ ọ, tí èkejì sì fi mítà márùndínlógójì jìnnà sí ọ jù ú lọ, ti èkejì yóò pẹ́ dé ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Ọ̀rọ̀ á máa gun orí ara wọn. Igbe kò wo èyí sàn. Ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ ní ìparí gbólóhùn ló ń wò ó, pàápàá lẹ́yìn nọ́ńbà.

Ní ìlú tí Ànàgó àti Ẹ̀gùn jọ ń gbé, ògbufọ̀ ni yóò tún sọ gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá sì lè di ogún. Fún un ní bébà náà ṣáájú ọjọ́ ìpàdé. Òwe tó bá ní kó o ṣàlàyé, yọ ọ́ kúrò. Bí ògbufọ̀ bá ti ń túmọ̀ òwe, ìdajì èrò á ti máa sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà ni àyẹ̀wò tó dára jù? Akọ̀wé kò gbọdọ̀ kà á fún ọmọ ìgbìmọ̀, torí ọmọ ìgbìmọ̀ á máa fi ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ dí ihò. Kó wá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, bí ìyá tó ń bó ẹ̀gẹ́ fún gàrí. Kó má fún un ní bébà. Kó kà á lẹ́ẹ̀kan, kó sì má bi í pé "ṣé ó yé yín?" torí ìdáhùn sí ìyẹn ni "bẹ́ẹ̀ ni" nígbà gbogbo. Kó ní: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bí ọkọ yín bá bi yín pé kí ni wọ́n sọ nípàdé, kí lẹ máa wí?"

Ká ní ìyá náà dáhùn pé: "Wọ́n ní ẹ̀rọ omi bàjẹ́, pọ́ńpù ló jóná, kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wá." Ohun gbogbo ló wọlé, àyàfi ìkan. Ìgbìmọ̀ ka ojúlé. Ìyá gbọ́ agbo ilé. Bí ìlú bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, bóyá ìdajì owó náà ni kò ní wọlé, gbogbo wọn ni yóò sì rò pé àwọn ti san tiwọn. Ìyá kò ṣì í gbọ́; "ilé" tó wà lórí bébà ló gba méjèèjì.

Akọ̀wé pa "ilé" rẹ́ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì kọ ọ́ báyìí: "Ojúlé kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náírà. Bí ojúlé mẹ́rin bá wà nínú agbo ilé kan, ojúlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa san." Ó wá lọ wá ìyá mìíràn tó ń bó ẹ̀gẹ́.